Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ọkọ Yín Lókè Òkun Ti Yí Padà: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Níbi tí mo ti ń gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn ní Àbújá, inú máa ń bí mi bí mo bá rí ìyàwó tí ó ná owó oúnjẹ ọmọ láti wá ìdáhùn tí ìwé físà ọkọ rẹ̀ ì bá ti fún un.

Àṣìṣe kìíní ni kí a máa fi ìgbà tí ó wọ Wásáàpù kẹ́yìn ṣe ẹ̀rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Èkejì ni ó ń dùn mí jù: kí a máa fi ọkọ ẹlòmíràn díwọ̀n tiwa láìmọ irú físà tí oníkálukú gbà. Ìyá ọlọ́mọ méjì kan wá bá mi láti Kubwa. Ọkọ rẹ̀ lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú Ọba ní ìparí ọdún 2024, ó sì sọ pé òun kò lè mú wọn wá. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ kan, tí ọkọ tirẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kó ọmọ lọ bá ọkọ, ni àwọn ẹbí bá ní irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa. Obìnrin yìí san owó fún ajẹ́ńtì tí ó ṣèlérí físà fún un, owó náà sì wọmi. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, olùtọ́jú arúgbó tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà ìlú Ọba kò lè mú aya tàbí ọmọ wọ ibẹ̀ mọ́. Òfin náà kò kan nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú físà tí ó gbà àti ọjọ́ tí ó gbà á.

Òfin lè sọ ìdí tí kò fi mú yín lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí kò fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ní kí obìnrin náà gba ìwé àkókò iṣẹ́ oṣù kan lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. A rí i pé alẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, wákàtí méjìlá lẹ́ẹ̀kan, àti pé ọjọ́ iṣẹ́ ni ó máa ń dákẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pè, tí ó ń béèrè nípa owó ilé ìwé ọmọ, tí ó sì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Àárẹ̀ ni ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ ìsinmi kò yàtọ̀ sí ti ọjọ́ iṣẹ́, tí ó ń fi àkókò iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, tí ó ń fowó ránṣẹ́ láìbéèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti iṣẹ́. Síbẹ̀, gbèsè ìrìn àjò àti ìbànújẹ́ ọkàn lè pa ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́nu mọ́, oṣù kan ṣoṣo kò sì tó láti dájọ́.

Ẹ má purọ́ àìsàn láti dán an wò.



Àṣìṣe mìíràn ni kí a dá ìjà sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kí ẹ béèrè irú físà tí ó ń gbèrò láti bọ́ sí kí ó lè mú yín lọ, ìgbà tí ó máa bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀, àti iye tí yóò ná yín.