Nọ́ńbà ojú ìwé tó ń dà rú: iṣẹ́ tí kò gba owó ìdókòwò

Ìṣòro náà nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ní yunifásítì tó wà lọ́nà Alábàtà, ní Abẹ́òkúta, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní kọ́bọ̀. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé kó dúró sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé fún ọjọ́ mẹ́ta, kó máa kọ ohun tó ń dá oníbàárà padà sílẹ̀.

Nọ́ńbà ojú ìwé pírójẹ́ẹ̀tì ló ń dá wọn padà. Súpáfáísọ̀ fẹ́ i, ii, iii níwájú, kí 1 bẹ̀rẹ̀ láti Orí Kìíní. Bí wọ́n bá yí ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á yí, torí pé abala kan ṣoṣo ni Word ka fáìlì náà sí. Fi kọ́sọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ Orí Kìíní, tẹ Layout, Breaks, kí o mú Next Page. Tẹ ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o pa Link to Previous (ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀). Lẹ́yìn náà, nínú Format Page Numbers, mú 1, 2, 3 ní Number format, kí o kọ 1 sí Start at. Padà sí ojú ìwé iwájú, ṣí Format Page Numbers níbẹ̀ náà, kí o mú i, ii, iii.

Sọ fún onítẹ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí nọ́ńbà bá dà rú fún, ẹ darí ẹ̀ sí mi." Kò ní kọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n máa padà wá tẹ̀ ẹ́.

Bí o bá dá ₦3,000 lé e, gba ₦1,500 kí o tó fọwọ́ kan fáìlì. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan ló wà nínú owó yẹn, torí súpáfáísọ̀ lè dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. PDF ni kí oníbàárà gbé lọ tẹ̀. Word lè ṣí ojú ìwé nípò bí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò bá ní fọ́ǹtì kan náà. Bá wọn tò ó ni o, má bá wọn kọ ọ́.