Bí a ṣe ń kọ ìlà àkọ́kọ́ tí yóò dá òǹkàwé dúró lábẹ́ àwòrán ọjà

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kéékèèké ní Ìlọrin ló ti mọ àwòrán yà, ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró wò ó. Ìkòkò amọ̀ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí àwọn ìyá ń mọ ní Dàdá, ní Òkèlele.

Ẹ ya àwòrán náà ní ojúmọmọ, kí ẹ sì yan ẹyọ kan péré. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ bí ààyè yín ti tó. Instagram kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ hàn: tí lẹ́tà àti àlàfo bá ti tó nǹkan bíi 125, yóò gé ìyókù pamọ́ sẹ́yìn "more", Facebook náà sì ní "See more" tirẹ̀. Ẹni tó bá fi "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i" bẹ̀rẹ̀ ti ná ju ìdajì ààyè rẹ̀ lọ kí ó tó dárúkọ ìkòkò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkíni máa ń dà bí àìlẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìlà kẹta ni kí ẹ gbé ìkíni sí, kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú níbẹ̀.

Wíwá ohun tí ìlà náà yóò sọ ni ó ń dà ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ohun tí ojú ti rí nínú àwòrán ni wọ́n máa ń tún fi ẹnu sọ: "Ìkòkò amọ̀ tó rẹwà rèé." Òǹkàwé ti rí i pé ìkòkò ni, ó sì ti fi ìka tì í kọjá. Àwọn mìíràn a kọ "Ojúlówó ọjà, owó pọ́ọ́kú." Ẹ fi bàtà rọ́pò ìkòkò nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀, bí ó bá ṣì bá bàtà mu, ẹ pa á rẹ́, nítorí kò sọ ohunkóhun nípa ọjà yín. Ẹ má sì fi lẹ́tà ńláńlá tàbí emoji iná mẹ́ta bò ó mọ́lẹ̀, torí àwọn tó kù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwòrán kò lè sọ ni kí ẹ wá, ẹnu ẹni tó ti ra ọjà náà lọ sílé ni ẹ ó sì ti rí i. Mo bi ìyá kan tó ń ta ìkòkò pé kí ni àwọn oníbàárà máa ń sọ bí wọ́n bá padà wá. Kò tilẹ̀ ronú kí ó tó dáhùn pé, "Wọ́n á ní ọbẹ̀ ò tètè dákẹ́ nínú ẹ̀." Òótọ́ ni, nítorí amọ̀ tó nípọn máa ń di ooru mú, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń tú u sílẹ̀. Ìlà tí a kọ nìyí: "Ọbẹ̀ yìí ti kúrò lórí iná, ó ṣì ń hó." Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ni, ẹni tó bá sì kà á yóò fẹ́ mọ irú ìkòkò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà kejì ni a kọ iye owó àti ibi tí ìsọ̀ wà sí.

Ṣùgbọ́n ìlà yẹn sọ àwòrán àkọ́kọ́ di asán, nítorí òfìfo ìkòkò ló wà nínú rẹ̀. A ní láti se ọbẹ̀, kí a gbé e lé òṣùká, kí a sì tètè yà á nígbà tí ó ṣì ń hó. Bí ìkòkò yín kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ ọ́. Ẹni tó bá gbé e délé tí ọbẹ̀ rẹ̀ dákẹ́ kíá yóò wá sọ ọ́ lábẹ́ àwòrán náà, níwájú gbogbo ènìyàn.

Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. Bí ẹ bá kọ "obe" lásán, ẹlòmíràn lè kà á sí ọ̀bẹ kí ó tó dé ibi iná. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google fún fóònù, ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀, òun ni èmi ń lò. Bí kò bá sí lórí fóònù yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì lẹ́ẹ̀kan sínú WhatsApp tiyín, kí ẹ máa dà á kọ láti ibẹ̀. Ẹ yẹra fún lẹ́tà oníṣọ̀nà tí àwọn ojúlé kan ń ṣe, nítorí lórí fóònù mìíràn, àpótí òfìfo ni yóò hàn.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ ka ìlà náà sókè fún ẹnì kan láìfi àwòrán hàn án. Bí ó bá béèrè pé, "Ọbẹ̀ wo?", ó ti dára. Bí ó bá ní, "Ó dáa," ẹ padà lọ bá oníbàárà yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn wo ibi tí "more" bọ́ sí; bí ó bá gé ọ̀rọ̀ pàtàkì, Instagram gba àtúnṣe. Èmi máa ń ka iye ẹni tó béèrè ìbéèrè láàárín ọjọ́ méjì, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, torí àwọn tó tẹ ọkàn pupa lásán lè má ka ìlà náà rárá.