Bí mo ṣe ń fi owó tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù wé ti orísun lálaalẹ́

Dẹ́pò àgbàdo mẹ́ta ni ẹgbẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní: Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ìlárà. Inú PostgreSQL, ìyẹn orísun dátà wa, ni wọ́n ń tẹ títà sí, a sì máa ń kó o lọ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù lálẹ́. A kì í ná ohun tó kéré ju sẹ́fà kan lọ, tí a lè sọ pé òun ló fa ìyàtọ̀, torí náà ìyàtọ̀ òdo ni mo ń wá.

Inú orísun gan-an ni mo ti ń ka iye tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ inú ẹ̀dà tí a kó ni, ẹ̀dà á kàn máa bá ara rẹ̀ mu ni, kódà bí ìlà bá ti sọnù lọ́nà. Ìgbà kan náà ni mo ń kà á tí mo sì ń kó dátà, kí títà tó bá wọlé láàárín má bàa dá ìyàtọ̀ èké sílẹ̀:

```sql
BEGIN ISOLATION LEVEL REPEATABLE READ;
SELECT depot, COUNT(*), SUM(montant)
FROM ventes GROUP BY depot;
-- kíkó dátà
COMMIT;
```

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Kétu àti Pọ́bẹ̀ bára mu. Ní Ìlárà, orísun ní ìlà 412, owó 3.286.500, dáṣíbọ́ọ̀dù ní 409 àti 3.240.000. Ìlà mẹ́ta, 46.500 sẹ́fà, ni kò dé. Mo pín in sí ọjọ́ọjọ́: ọjọ́ tó ti kọjá ni gbogbo wọn wà. Mo pe akọ̀wé ibẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, nẹ́ẹ̀tì ló lọ. Inú ìwé ni mo kọ wọ́n sí, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n, mo sì fi ọjọ́ tí a tà wọ́n sí i.”

Ohun tó yẹ ló ṣe. Ìlànà ìkódátà ló ní àbùkù: ìlà tí `date_vente` rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ títà, bá tuntun ju ti ìkó tó kọjá nìkan ló ń mú, torí náà kò lè rí títà tó pẹ́ kó tó wọlé láé. A yí i sí `modifie_le`, èyí tó ń yí padà nígbàkígbà tí a bá tẹ ìlà tàbí tún un ṣe. A ń padà sẹ́yìn díẹ̀ ní ìkó kọ̀ọ̀kan, `id` sì ni kò jẹ́ kí ìlà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. A tún un kó, ìyàtọ̀ Ìlárà di òdo.

Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n bá pa rẹ́ kò ní `modifie_le` mọ́, yóò sì jókòó sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo apá tí ìyàtọ̀ tẹ̀ sí. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá dín, nǹkan kan ni kò dé. Bó bá lé, ó ṣeé ṣe kí a ti pa ìlà kan rẹ́. Bí iye ìlà bá bára mu tí owó kò bára mu, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tún iye kan ṣe. A bẹ àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n sàmì `annule` sí títà tí wọ́n bá fagi lé, kí wọ́n má pa á rẹ́. Bí ìyàtọ̀ kò bá tíì di òdo, dáṣíbọ́ọ̀dù tuntun kì í jáde. Ti àná ló ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ lókè.