Bí mo ṣe ṣa ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé tí Bàbá Tíṣà fi sílẹ̀

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Tíṣà, ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n papòdà, yàrá kan kún fún ìwé nílé wọn ní Ìbàdàn. Bí a ṣe fẹ́ pín ogún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dábàá pé kí àwọn tó ń ra bébà ní kílò wá kó gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn ẹlẹ́pà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ iye tí ìwé kọ̀ọ̀kan tó sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má bàa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Mo kọ́kọ́ yọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́, Bíbélì àti ìwé atúmọ̀ èdè sọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti gbó, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kì í sọ ìwé di olówó iyebíye. Ohun tí àwọn tó ń kó ìwé jọ ń wá ni ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ìwé tí ayé ń béèrè, kó sì wà ní pípé. Ìwé ìtàn àròsọ, eré, ewì àti ìtàn ilẹ̀ wa ni mo wá gbájú mọ́.

Ibi tí mo ń ṣí ni ẹ̀yìn ojú-ìwé àkọlé, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé àti ọdún tó jáde. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ̀dà *Things Fall Apart* méjì wà nínú ogún yìí, ọ̀kan ẹlẹ́yìn rírọ̀, èkejì ẹlẹ́yìn páálí. Àwọn méjèèjì ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé 1958 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á rò pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ méjì ló wà lọ́wọ́ òun. Ọdún tí iṣẹ́ náà dé ayé ni 1958. Ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹni lè yàtọ̀, ìlà tó tẹ̀ lé e ni yóò sì sọ ọ́.

Nínú ẹlẹ́yìn rírọ̀ náà, ìlà kejì sọ pé 1962 ni ó kọ́kọ́ wọ ọ̀wọ́ African Writers Series, èyí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 1. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n to ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ sílẹ̀, ó sì parí sí 1971. Ọdún tó kẹ́yìn yẹn ni ọjọ́ orí ẹ̀dà náà. Mo tún ní ẹ̀rí mìíràn: lẹ́yìn ìwé, níbi tí wọ́n ti to àwọn ìwé ọ̀wọ́ náà yòókù, nọ́ńbà ti lé ní 70, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó jáde ní 1962 kò lè mọ ohun tí wọn ò tíì tẹ̀. Èyí wúlò gan-an bí ojú-ìwé tó yẹ kí ọdún wà bá ti já.

Ẹlẹ́yìn páálí ni ó mú mi dìde lórí àga. Orúkọ William Heinemann ti Lọ́ńdọ̀nù ló wà lójú-ìwé àkọlé, 1958 wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí àmì àtúntẹ̀ kankan lábẹ́. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ti Amẹ́ríkà, tí McDowell, Obolensky tẹ̀ jáde ní Niu Yọ́ọ̀kì, 1959 ni tirẹ̀. Òun náà ní olùrà, ṣùgbọ́n kò tó ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àṣà tirẹ̀. Faber, tí wọ́n tẹ *The Palm-Wine Drinkard* ní 1952, máa ń fi lẹ́tà Róòmù kọ ọdún láyé ìgbà náà, nítorí náà mcmlii ni ẹ ó rí, kì í ṣe 1952. Bí wọ́n bá tún un tẹ̀, wọn á sọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìtẹ̀ kejì tàbí ìkẹta nìyí. Ìtẹ̀ kẹta ni tiwa.

Ti ìwé Yorùbá tún ní ọ̀nà tirẹ̀. *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938 láti ọwọ́ ilé ìtàwé CMS ní Èkó. Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ní ni ti Thomas Nelson, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ẹ̀dà Bàbá Tíṣà kò ní ojú-ìwé ọdún mọ́, ṣùgbọ́n "aiye", "enia" àti "yio" ni wọ́n kọ nínú rẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò gba irú bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyẹn fi hàn pé ìwé náà lè gbó ju 1974 lọ, kò fi hàn pé ti 1938 ni, nítorí pé wọ́n máa ń fi àkọtọ́ àtijọ́ tún ìwé tẹ̀. Orúkọ Nelson tó wà lójú-ìwé àkọlé ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù wà láàárín ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì: ìwé ewì pẹlẹbẹ kan, *Heavensgate* ti Christopher Okigbo, tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Mbari tẹ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín ní 1962. Ó tín-ín-rín débi pé ẹni tó ń yára kó bébà kò ní rí i. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nítorí pé ẹlẹ́yìn rírọ̀ ni, ó sì rọrùn láti dà nù. Mo fi í sáàárín bébà mímọ́ kí n tó wo òmíràn.

Ìgbà yẹn ni mo tó dé orí owó. Fún ìwé ẹlẹ́yìn páálí láti Lọ́ńdọ̀nù, bébà aláwòrán tí wọ́n fi wé e lóde ló ń gbé iye rẹ̀ ga jù. Ti 1958 yìí pẹ̀lú bébà rẹ̀ tó dáa lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wá. Tiwa kò ní in mọ́, ikán sì ti jẹ igun kan lára páálí rẹ̀, nítorí náà díẹ̀ péré nínú iye yẹn ni mo kọ. N kò fi sẹ́lótéépù tàbí gọ́ọ̀mù kàn án, nítorí pé àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń ba ìwé jẹ́ ju ohun tí ikán ṣe lọ. Orúkọ Bàbá Tíṣà tí wọ́n fi bírò kọ sí iwájú náà, mo fi sílẹ̀.

Fún iye, n kò tẹ̀ lé ohun tí àwọn òǹtajà ń béèrè. Òǹtajà lè kọ iye tó wù ú sórí AbeBooks, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ìwé, kí ìwé náà sì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Orí eBay ni mo lọ, mo tẹ `Sold Items`, kí n lè rí iye tí wọ́n ti san gan-an fún ẹ̀dà tó jọ tiwa, láìsí bébà aláwòrán náà. Mo tún sọ fún ẹbí pé òǹtàwé tó fẹ́ ra ìwé kí ó tún un tà kò ní san gbogbo iye yẹn. Ó máa ń súnmọ́ ìdámẹ́ta sí ìdajì, nítorí òun náà gbọ́dọ̀ jèrè.

Fọ́tò ìwé méjì ni mo fi ránṣẹ́ sí òǹtàwé kan fún àyẹ̀wò: ti 1958 àti ti Mbari. Fọ́tò ojú-ìwé àkọlé, ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé níta àti gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ ni mo yà, nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ṣe láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Ṣé èyí tó tín-ín-rín yìí náà la fẹ́ fún ẹlẹ́pà?" Wọ́n ní kí a tọ́jú àwọn méjèèjì sílé, kí a pín ìyókù.