Bí Mo Ṣe Fi Eré Alùpùpù Ṣí Ẹ̀kọ́ Dẹrifátíìfù: Ìrírí Mi

Iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú ara mi ni láti kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tí n ó fi ṣí ẹ̀kọ́ dẹrifátíìfù, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń yára yí padà ní àkókò kan gan-an, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún tó ti kọjá, fọ́múlà ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sójú pátákó. Àwọn ọmọ á há a sórí, wọ́n á sì sọ pé dẹrifátíìfù t² ni 2t láìṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé ìbéèrè wo ni 2t jẹ́ ìdáhùn sí, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ìyẹn ni ó mú kí n wá ohun kan tí gbogbo wọn ti fojú rí, mo sì mú alùpùpù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra lójú títì.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà kà. Mo kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí alùpùpù bá ń lọ, tí abẹ́rẹ́ aago ìyára rẹ̀ sì tọ́ka sí 20, kí ni 20 yẹn ń sọ?” Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dáhùn, ohun náà gan-an ni wọ́n sì fi dáhùn: pé alùpùpù náà yóò rin kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Mo wá sọ fún wọn pé alùpùpù yìí kò ní rìn tó wákàtí kan, ó lè dúró kí ìṣẹ́jú kan tó pé, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ náà kò purọ́. Ohun tí ó tún ṣòro jù ni pé ní ojú ẹsẹ̀ gan-an tí a wo abẹ́rẹ́ náà, bí ẹni ya àwòrán rẹ̀, alùpùpù kò tíì kúrò lójú kan, àkókò kankan kò sì tíì kọjá. Bí ìyára bá jẹ́ ìrìn tí a fi àkókò pín, òfo ni a fẹ́ fi pín òfo yìí, kò sì sí iye kan pàtó tí ó jẹ́ ìdáhùn fún un. Mo fi ìbéèrè náà sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, n kò dáhùn rẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí ó jẹ wọ́n lọ́kàn kí n tó fún wọn ní irinṣẹ́ kankan.

Èrò àkọ́kọ́ mi ni pé kí a fi ojú ara wa wọn ìrìn alùpùpù gidi. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ tó pé: a fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀, ẹnì kan gun alùpùpù, àwa méjì sì di aago mú lọ́wọ́, tí à ń tẹ̀ ẹ́ bí alùpùpù bá ti ń kọjá lára àmì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fi àkọsílẹ̀ wa wé ara wọn, ìyàtọ̀ tí ó tó 0.2 ìṣẹ́jú àáyá ni ó wà láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ìrìn kan náà ni a jọ ń wọ̀n. Bí àkókò tí à ń wọ̀n bá gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 10, àṣìṣe yìí kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá dín àkókò náà kù di 0.1, àṣìṣe ọwọ́ wa ti ju ohun tí a fẹ́ wọ̀n lọ. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ọ̀nà tí dẹrifátíìfù ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé kí àkókò náà máa kéré sí i. Nítorí náà mo pa àkọsílẹ̀ yẹn tì, mo sì lo fọ́múlà fún ibi tí alùpùpù wà, nítorí fọ́múlà kì í gbọ̀n bí ọwọ́.

Fọ́múlà tí mo yàn ni s = t², níbi tí t jẹ́ iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí alùpùpù ti gbéra, tí s sì jẹ́ iye mítà tí ó ti rìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1, ó ti rin mítà 1. Lẹ́yìn 2, mítà 4. Lẹ́yìn 3, mítà 9. Lẹ́yìn 4, mítà 16. Mo kìlọ̀ fún wọn pé ìṣẹ́jú àáyá 5 àkọ́kọ́ nìkan ni a ó lo fọ́múlà yìí fún. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá gbà á gbọ́ títí dé ìṣẹ́jú àáyá 30, alùpùpù náà á ti máa sáré kìlómítà 216 ní wákàtí kan, èyí tí ó kọjá agbára alùpùpù lásán. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má sọ fún wọn pé ìyára rẹ̀ ń fi mítà 2 lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, torí pé bí mo bá sọ ọ́, mo ti fi ìdáhùn lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó wá a.

Mo wá béèrè pé: “Báwo ni alùpùpù yìí ṣe ń sáré tó, ní ìṣẹ́jú àáyá kẹta gan-an?” Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi 3 pín 9, wọ́n sì dáhùn pé mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibí yìí ni mo dúró lé lórí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ìṣirò wọn tọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo béèrè ni wọ́n dáhùn. Ìyára ìpíndọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ni 3 yẹn, ó sì kó ìgbà tí alùpùpù náà ṣì ń wọ́ nílẹ̀ mọ́ ìgbà tí ó ti ń sáré. Bí a bá fẹ́ mọ ti ìṣẹ́jú àáyá kẹta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ká ti máa wá a.

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkókò náà kù. Láti 3 sí 4, alùpùpù rin mítà 7, ìyára ìpíndọ́gba sì jẹ́ 7. Láti 3 sí 3.5, ó rin mítà 3.25 ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí ó jẹ́ 6.5. Láti 3 sí 3.1, ó jẹ́ 6.1, láti 3 sí 3.01, ó jẹ́ 6.01. Mo ní kí wọ́n wá láti ẹ̀yìn náà, nítorí ẹni tí ó bá wá láti apá kan ṣoṣo kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti rí òtítọ́: láti 2.9 sí 3, ó jẹ́ 5.9, láti 2.99 sí 3, ó jẹ́ 5.99. Iye tó wá láti iwájú ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó wá láti ẹ̀yìn ń gòkè, wọ́n sì ká 6 mọ́ àárín. N kò sọ 6 fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó mú áljẹ́brà wọlé, kí ó má baà dà bíi pé àbá lásán ni 6. Mo ní kí a pe gígùn àkókò náà ní h, yálà 0.1 ni tàbí 0.01, kò sáà gbọdọ̀ jẹ́ òfo. Ìrìn láti 3 sí 3 + h jẹ́:

```
(3 + h)² − 9 = 6h + h²
(6h + h²) ÷ h = 6 + h
```

Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti nawọ́ tí ó sì béèrè ohun tí mo ti ń retí. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní h kò gbọdọ̀ jẹ́ òfo, ṣùgbọ́n láti rí 6 nínú 6 + h, ṣé kì í ṣe òfo náà ni ẹ tún sọ ọ́ dà?” Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo ìdáhùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà lọ, nítorí ojú ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti lè wọ́ ni ó tọ́ka sí. Mo dá a lóhùn pé a kò sọ h di òfo rárá. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyára ìpíndọ́gba àti 6 má tó 0.001, a lè ṣe é: kí á sáà mú h tí kò tó 0.001. Bí ó bá tún ní kí ó má tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù, a ó tún mú h tí ó kéré sí i. Kò sí iye mìíràn yàtọ̀ sí 6 tí a lè ṣe ìlérí yìí fún. Bí ẹnì kan bá ní 6.2 ni, gbàrà tí h bá ti kéré ju 0.1 lọ ni ìlérí rẹ̀ ti já. 6 tí gbogbo wọn ń sún mọ́ yìí ni à ń pè ní dẹrifátíìfù s ní ìgbà tí t jẹ́ 3. Bí a bá fi 3.6 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ kìlómítà 21.6 ní wákàtí kan, ohun tí abẹ́rẹ́ náà sì ń sọ nìyẹn.

Ìyókù kò gba àkókò. A fi t sí ipò 3, a ṣe ìṣirò kan náà, a sì rí 2t + h, èyí tí ó ń sún mọ́ 2t. Mo fi àmì ds/dt hàn wọ́n, mo sì sọ pé ọwọ́ Leibniz, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ni irú àmì bẹ́ẹ̀ ti wá, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1684. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ nípa gíráàfù àti ìlà tí ó kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́ kúrò, ó di ọjọ́ kejì. Èrò tuntun kan ti tó fún ìjókòó kan.

Ohun tí n kò yọ ni ìbéèrè kan tí mo fi sí ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ro alùpùpù mìíràn tí ó ń lọ ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan títí di ìṣẹ́jú àáyá karùn-ún, tí ó sì wá ń lọ ní mítà 4 láti ìgbà náà lọ, láìsí pé ó rọra dẹ eré. Kí ni ìyára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá karùn-ún gan-an? Àwọn kan sọ pé 7 ni, nítorí òun ni ó wà láàárín 10 àti 4. Mo ní kí wọ́n dín àkókò kù bí a ti ṣe tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀yìn, bí ó ti wù kí h kéré tó, 10 ni wọ́n ń rí. Láti iwájú, 4 ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ pé 7 ni tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè, ó sì ní: “Sà, àwọn méjèèjì kò pàdé.” Mo ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, pé ní ibẹ̀ yẹn, ìrìn alùpùpù kejì yìí kò ní dẹrifátíìfù.