Fífi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe àwòrán ìpèsè gáàsì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Àwòrán bí wọ́n ṣe ń pèsè CO₂ wà nínú iṣẹ́ kẹ́mísìrì wa, mi ò sì lè fi ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé: "ìgò kan, àrọ kan, páìpù kan, ìgò ìgbagáàsì kan." Wọ́n ní ìdí tí gáàsì tó dé inú ìgò ìgbagáàsì fi kéré ni ká sọ. Kí ni mo gbàgbé?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan dé ni ẹ ò sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdáhùn fara pamọ́ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí gáàsì ti ń hó jáde, kí ẹ máa tẹ̀ lé e lọ. Bí ẹ bá ti kan páìpù, ẹ sọ ibi tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì wà, àti bóyá ó ri sínú ásíìdì tàbí ó dúró lókè rẹ̀. Ọ̀tún àti òsì kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbí. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Òkúta mábù àti HCl tí wọ́n bu omi là wà nínú ìgò. Ásíìdì náà dé ìdajì ìgò. Kọ́ọ̀kì oníhò méjì dí ẹnu rẹ̀. Àrọ ọlọ́rùn gígùn gba ihò kan wọlé, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò kan ásíìdì. Páìpù tó tẹ̀ gba ihò kejì: ẹnu rẹ̀ kan wà lábẹ́ kọ́ọ̀kì, èkejì sún mọ́ ìdí ìgò ìgbagáàsì tó wà ní òró. Kò sí iná."

Ẹni tó bá ka èyí á rí i lójú ẹsẹ̀ pé ẹnu àrọ ni ọ̀pọ̀ gáàsì ń bá lọ. Bí wọ́n bá ti ìsàlẹ̀ àrọ wọ inú ásíìdì, ásíìdì á dí ọ̀nà náà. Apá ibi tí wọ́n ti ń gba gáàsì kò ní àṣìṣe: ìwọ̀n CO₂ jẹ́ 44, ti afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí 29, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni CO₂ á jókòó sí, á sì ti afẹ́fẹ́ jáde lókè.

Ìbéèrè: Nínú àwòrán mìíràn, ìgò kan tí wọ́n kọ "H₂SO₄" sí wà láàárín. Ṣé kí n kàn sọ pé ó ń gbẹ omi ara gáàsì?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ da ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ bó ṣe wà. Ògidì H₂SO₄ ló ń fa omi. Èyí tí wọ́n ti bu omi là kò lè gbẹ gáàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ èwo nínú páìpù méjèèjì ló ri sínú ásíìdì. Èyí tó ń gbé gáàsì wọlé ló yẹ kó ri. Èyí tó ń gbé e jáde gbọ́dọ̀ parí lábẹ́ kọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá gbé e sódì, gáàsì á tẹ ásíìdì mọ́lẹ̀, ásíìdì á sì gba páìpù ìjáde lọ sínú ìgò tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má bá ayàwòrán tún un ṣe o. Bí páìpù bá wà níbi tí kò yẹ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá hàn, ẹ kọ "kò hàn."