Bí a ṣe ń máàkì dibéètì ilé ìwé girama láìṣègbè

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ka èsì dibéètì kì í sábà jẹ́ ibi àlàyé, ibi ìdálóhùn ni, ìyẹn bí ẹgbẹ́ kan ṣe fọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kejì. Àlàyé dáadáa, gbogbo èèyàn ló máa ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ló dáhùn kí ni, ta ló dákẹ́ lórí kí ni, tí jọ́ọ̀jì ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, á ti gbàgbé kí ọmọ kẹta tó jókòó, ohùn tó dùn jù ló máa wá fún ní máàkì. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ pín 100 máàkì: 40 fún àlàyé, 40 fún ìdálóhùn, 20 fún ìwà. Ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ fún, kì í ṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ò tíì rí ọ̀rọ̀ ẹnì kankan tó máa dá lóhùn, tẹ́ ẹ bá wá ní kó wá máàkì ìdálóhùn níbẹ̀, ẹ ti rẹ́ ẹ jẹ kó tó lanu. Tí ẹ̀bùn bá wà fún ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù, ẹ lo ìwé mìíràn fún ìyẹn. Kẹ́ ẹ sì ka bí máàkì ṣe pín yìí sétí àwọn ọmọ àti tíṣà wọn kó tó di ọjọ́ yẹn.

Bírò méjì ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín, àwọ̀ kan fún alátìlẹ́yìn, ìkejì fún alátakò. Ẹ fa ìlà sórí ìwé fífẹ̀ kan kó pín sí ọ̀nà tó bá iye àwọn tó máa sọ̀rọ̀ mu, apá òsì ni ẹni àkọ́kọ́ wà, kó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí dé apá ọ̀tún. Pọ́íńtì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin péré, tí ẹgbẹ́ kejì bá wá dáhùn, ẹ kọ ìdáhùn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fi ọfà so wọ́n pọ̀. Tí òfo bá wà níwájú pọ́íńtì kan títí dópin, wọn ò dá a lóhùn nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àkọlé kan: kí wọ́n fòfin de fóònù nílé ìwé. Alátìlẹ́yìn mú pọ́íńtì mẹ́ta wá. Ó ní fóònù ń gba ọkàn ọmọ ní kíláàsì, ó ní wọ́n ń fi jí ìdáhùn nínú ìdánwò, ó ní tí wọ́n bá jí fóònù ara wọn ìjà ló máa ń dà. Bí mo ṣe ń máàkì ìdálóhùn rèé: pọ́íńtì tí wọn ò fọwọ́ kàn gba 0, èyí tí wọ́n kàn sẹ́ láìsọ ìdí gba 1, èyí tí wọ́n sọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ gba 2, tí wọ́n bá sọ ìdí tí wọ́n sì fi hàn pé ọ̀nà tiwọn sàn ju ti ẹnìkejì lọ, 3.

Alátakò àkọ́kọ́ dìde. Lórí ti ọkàn ọmọ, ó ní ọmọ tí ò ní fóònù náà ń sùn ní kíláàsì, kí tíṣà ní kí wọ́n pa fóònù tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìyẹn á dá wàhálà náà dúró láìjẹ́ pé wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ohun tó tún wúlò. Ìyẹn gba 3. Lórí ìdánwò, ó pariwo pé irọ́ ni, kò sóhun tó jọ ọ́, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n 1 ni, torí kò sọ ìdí kankan. Ó tún fi ìṣẹ́jú kan gbáko dáhùn pé ọmọ tó ń lo fóònù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ wo ìwé yín, ta ló pè é lọ́lẹ? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, nítorí náà kò gba nǹkan kan. Ìkejì rẹ̀ ló wá dáhùn ti olè jíjí, ó sọ ìdí, 2. Àpapọ̀ 6 nínú 9, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di orí 40, ó jẹ́ 27.

Pọ́íńtì méjì ni alátakò náà mú wá, pé òbí gbọ́dọ̀ lè rí ọmọ bá sọ̀rọ̀ nígbà pàjáwìrì, àti pé fóònù wúlò fún ìwádìí. Alátìlẹ́yìn gba 3 lórí èkíní, ó ní ọ́fíìsì ilé ìwé ní fóònù tiẹ̀, òbí á sì tètè rí tíṣà bá sọ̀rọ̀. Ó gba 2 lórí èkejì. 5 nínú 6, ìyẹn 33.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ tó bá da pọ́íńtì kéékèèké mẹ́wàá sílẹ̀ kí ẹnìkejì má lè rí gbogbo ẹ̀ dáhùn. Àwọn tí ìdí wọn jọra, ẹ kà wọ́n sí ọ̀kan, èyí tí ò ní ìdí rárá, ẹ má kà á. Pọ́íńtì tuntun tí ẹni tó kẹ́yìn bá mú wá náà, ẹ fàlà sí i lórí, torí kò sẹ́ni tó máa láǹfààní láti dá a lóhùn mọ́. Àpẹẹrẹ tuntun fún ọ̀rọ̀ àtijọ́ ò burú ṣá. Ohun tó sì ṣòro jù fún jọ́ọ̀jì tó mọ̀wé nìyí: tẹ́ ẹ bá mọ ìdáhùn tó yẹ kí ọmọ náà fún wọn, tí kò sì sọ ọ́, ẹ má bá a sọ ọ́ nínú ọkàn yín.

Àlàyé ò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ọmọ náà sọ ìdí, ṣé ó mú àpẹẹrẹ, ṣé ó so ó mọ́ àkọlé? Nínú àpẹẹrẹ wa, alátìlẹ́yìn gba 27, alátakò 29.

Ìwà ńkọ́? Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí síbẹ̀: bíbú èèyàn dípò ọ̀rọ̀ rẹ̀, dídá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu, sísọ̀rọ̀ kọjá táímù. Tí aago bá ti lu, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 15 kó parí gbólóhùn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí gbogbo jọ́ọ̀jì gbé bírò sílẹ̀. Gírámà àti bí ohùn ọmọ ṣe rí ò sí níbí o, mo bẹ̀ yín. Ọmọ tó ń kólòlò lè hùwà tó dáa ju ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Alátìlẹ́yìn gba 18, alátakò 19.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀: alátìlẹ́yìn 78, alátakò 75. Alátakò ló borí nínú àlàyé àti ìwà, ìdálóhùn ló gbé e ṣubú, ẹ sì lè fi ìka yín sórí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lórí ìwé.

Tí jọ́ọ̀jì bá tó mẹ́ta, ẹ má kàn ro máàkì wọn pọ̀. Ká ní ẹni àkọ́kọ́ fún wọn ní 78 sí 75, èkejì 76 sí 74, ẹnì kẹta wá fún alátìlẹ́yìn ní 40 kó fún alátakò ní 80. Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀, alátakò borí pẹ̀lú 229 sí 194, bẹ́ẹ̀ méjì nínú mẹ́ta ló sọ pé alátìlẹ́yìn ló mókè. Kí jọ́ọ̀jì kọ̀ọ̀kan dìbò fún ẹni tó borí lórí ìwé tiẹ̀, kẹ́ ẹ ka ìbò. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìdíje àgbáyé àwọn ilé ìwé girama, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1988, nìyẹn, wọn kì í sì í jẹ́ kí máàkì olùsọ̀rọ̀ kúrò láàrin 60 sí 80, kí ẹnì kan má lè fi máàkì gbé ẹnì kan ṣubú.

Kí kálukú buwọ́ lu ìwé rẹ̀ kó sì fi sílẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí èsì tó jáde, kí ẹnì kan nínú yín sọ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ́íńtì tí wọ́n fọ́ dáadáa jù àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdáhùn.